Bí Ẹnu Bá Jẹ: Ẹ̀bùn Ìparí Ọdún fún Àwọn Oníbàárà

Bí oṣù Kejìlá bá ti dé ìdajì, ọkọ̀ tó ń pín ẹ̀bùn kiri Èkó máa ń pọ̀. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá tó ń dán wé, tí wáìnì, tíì, mílíìkì inú agolo àti bisikíìtì kún inú rẹ̀, á máa lọ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì òróró ń bọ̀ lẹ́yìn, ewúrẹ́ tàbí tòlótòló náà ò ní gbẹ́yìn. Ẹni tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ á ní òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà òun ni. Òdodo sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Wọn ò sọ pé bí ẹnu bá jẹ oúnjẹ olè. Wọn ò sọ pé bí oúnjẹ náà bá pọ̀. Wọn ò tilẹ̀ mẹ́nu ba ẹni tó gbé oúnjẹ wá, bóyá inú kan ló fi gbé e wá tàbí inú méjì. Ẹni tó jẹun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ohun tí jíjẹ yẹn á ṣe fún un nígbà tí ó bá yẹ kó wo ojú ẹni tó fún un kó sì sọ pé, “Èyí tí o ṣe yìí kò dára.” Ìdí nìyẹn tí àwíjàre tí a máa ń gbọ́ jù, pé “Èmi ò fi ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ o, mo kàn fi dúpẹ́ ni,” kò fi parí ọ̀rọ̀. Ọkàn ẹni tó fúnni lè mọ́ bí omi, kí ojú ẹni tó gbà sì ti tì.

Ká ní ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Ṣómólú tó ń tẹ páálí fún ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan. Gbogbo ọdún ni wọ́n jọ ń ṣe é, owó sì ń wọlé lásìkò. Ẹni tó ń bójú tó ìrajà nílé iṣẹ́ bisikíìtì náà ló ń yẹ páálí wò kí wọ́n tó kó o wọ ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, oníṣẹ́ ìtẹ̀wé rán awakọ̀ rẹ̀ lọ sílé ọ̀gá ìrajà yìí ní Ìkòròdú pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan, òróró lítà 25 àti ewúrẹ́ kan. Kò béèrè ohunkóhun. Ìyàwó ọ̀gá gbà á, wọ́n sì fóònù láti dúpẹ́: “Ẹ ṣeun o, Alàgbà, Ọlọ́run á fi kún un.”

Ó di oṣù Kínní, páálí tuntun dé. Bébà tí wọ́n jọ ṣàdéhùn lé lórí jẹ́ 300 gíráàmù, ìyẹn ni pé mítà kan níbùú lóròó bébà náà yóò wọn 300 gíráàmù. Ọ̀gá ìrajà fi ọwọ́ pa á, ara fu ú. Ó gé ẹ̀là kan tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, ó gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ẹ̀là bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọn gíráàmù 3. Gíráàmù 2.5 ló wọ̀n. Bébà 250 ni wọ́n fi tẹ iṣẹ́ náà. Bóyá oníṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bóyá ẹni tó ta bébà fún un ló yàn án jẹ, a ò mọ̀.

Iṣẹ́ tó wà níwájú ọ̀gá ìrajà kò le rárá. Kó kọ ìwé pé ẹrù kò bá àdéhùn mu, kó sì dá a padà. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún ẹlòmíràn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé fóònù ó ní, “Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, bébà yìí fẹ́lẹ́ díẹ̀ o. Mo ti gbà á, àmọ́ ẹ má ṣe é mọ́.” Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n to páálí lé ara wọn nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Kánò, àwọn tó wà nísàlẹ̀ fọ́ pẹ̀ẹ́, bisikíìtì inú wọn sì rún. Ilé iṣẹ́ ló jẹ gbèsè náà, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí kò tọ́ ewúrẹ́ wò.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òṣùwọ̀n tí mo gbà pé ó tọ́ láti fi wọn ẹ̀bùn ìparí ọdún. Iye owó ẹ̀bùn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń ṣe ìdájọ́. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé: lẹ́yìn ẹ̀bùn yìí, ṣé ẹni tó gbà á ṣì lè dá ẹrù mi padà ní oṣù Kínní láìdojú bolẹ̀?

Bí a bá fi èyí wò ó, a ó rí i pé oníṣẹ́ ìtẹ̀wé wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe òun ló ṣoore. Ta ló sanwó fún un lásìkò ní gbogbo ọdún? Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni. Ọ̀gá ìrajà gba owó oṣù rẹ̀ láti fi ṣọ́ owó náà, ó sì yẹ kí ojú rẹ̀ máa le sí ẹni tó ń tajà fún wọn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ni kí ọpẹ́ lọ. Kó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà, kó dárúkọ ohun tí ó ń dúpẹ́ lé lórí: ẹ san owó wa láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ní gbogbo ọdún, ìyẹn ni kò jẹ́ ká yáwó. Bó bá fẹ́ fi oúnjẹ tì í, kó jẹ́ ohun tí gbogbo ẹ̀ka náà á jọ pín, kó sì gbé e wá sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án gangan, ní ojú gbogbo èèyàn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn tí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ jẹ kò lè ti ojú ẹnì kan pa. Bí awakọ̀ bá sì ní láti béèrè àdírẹ́sì ilé kí ó tó gbé ẹ̀bùn lọ, kí a tún un rò.

Owó ńkọ́? Owó inú àpòòwé, owó tí a fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì àti káàdì ìrajà kò ní àwíjàre kankan. Kàlẹ́ńdà tí a fi ṣe ẹ̀bùn ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára, ó sì wà lára ògiri fún gbogbo aráyé láti rí. Owó kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Àmì kan sì wà tí kì í parọ́: ẹ wo ohun tí akáwó kọ sínú ìwé rẹ̀. Bó bá kọ “àpò ìrẹsì mẹ́wàá, ẹ̀bùn ìparí ọdún,” pẹ̀lú orúkọ àwọn tó gbà á, ó ṣeé ṣe kí ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Bó bá pe owó kan náà ní owó ọkọ̀ tàbí owó àtúnṣe ẹ̀rọ, ẹni tó ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí ẹ̀bùn náà jẹ́.

Àsìkò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Oṣù Kejìlá tí à ń pín ẹ̀bùn gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń pinnu ẹni tí yóò máa tajà fún wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ọdún 2020 ni ìṣúná ìjọba àpapọ̀ náà ti padà sí oṣù Kínní sí oṣù Kejìlá, èyí tó ń mú kí ọ̀pọ̀ owó iṣẹ́ àkànṣe wà lórí tábìlì bí ọdún ṣe ń parí. Ẹni tó ń dupò iṣẹ́ kan lọ́wọ́, tàbí tó ń retí kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé owó rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ dáyárì olówó iyebíye. Kó dúró títí ọ̀rọ̀ náà á fi tán. Ọpẹ́ oṣù Kẹta kò burú.

Bó bá wá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni oníbàárà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọgbọ́n orí ẹni. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, níbi tó ti ka ìlànà ìwà fún òṣìṣẹ́ ìjọba, sọ pé bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣòwò tàbí ẹni tó ní iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ ìjọba, a ó kà á sí pé ó ti rú òfin títí tí yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò wẹ ara rẹ̀ mọ́. Òfin náà fàyè gba ẹ̀bùn láti ọwọ́ mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́, ní ìwọ̀n tí àṣà bá mọ̀. Kò dárúkọ iye kankan tí a lè sá sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé lápapọ̀, ẹ̀bùn tí kò ju 20 dọ́là lọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n lè gbà, kó má sì ju 50 dọ́là lọ lọ́dún láti ọwọ́ ẹnì kan náà. Tiwa kò ní irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilé iṣẹ́ aládàáni ti bọ́. Òfin ọdún 2000 tó dá àjọ ICPC sílẹ̀ kan aṣojú tó bá gba ohun kan kí ó lè ṣojúsàájú nínú iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ì báà má ṣe iṣẹ́ ìjọba. Òfin yẹn kan náà kò gba ẹ̀rí ẹni tó bá ní àṣà iṣẹ́ àwọn ni, tàbí pé ọdún ni àwọn ń ṣe.

Èyí tó le jù ni ìgbà tí oníbàárà bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè: “Alàgbà, Kérésì wa ńkọ́?” Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré ló ti sọ ọ́ tẹ̀dùntẹ̀dùn pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn, kì í ṣe ọpẹ́ ló wà lọ́kàn àwọn, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò lágbára púpọ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó ti ní ìlànà tí ó kọ sílẹ̀ láti oṣù Kẹwàá, kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé kàlẹ́ńdà àti lẹ́tà ọpẹ́ ni ilé iṣẹ́ òun ń fún gbogbo ènìyàn lọ́dún yìí. Bí ìbéèrè bá dé lẹ́yìn náà, á ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá, bí ilé iṣẹ́ wa ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyí, ẹ ti rí lẹ́tà wa.” Bí ìbéèrè náà bá wá di pé láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé owó rẹ̀ kò ní kúrò lórí tábìlì, kó kọ ọjọ́, aago àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì gbé e tọ ẹni tó ga ju olùbéèrè lọ nínú ilé iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọ́fíìsì àjọ ICPC ni kó gbé e lọ.