Kí Ló Dé Tí Òfin Fi Wà Ní Ọ̀sẹ̀ Karùn-ún?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ó tó àkókò kí a sọ̀rọ̀ lórí àtẹ ìmúrasílẹ̀ tó ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwa tí a mú Sáyẹ́ǹsì Àyíká kún Yorùbá. Gbogbo yín lẹ ti rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ikọ́lójì, ọ̀kan fún ojú ọjọ́, ọ̀kan fún ìbàyíkájẹ́, ọ̀kan fún òfin àti ìlànà ìjọba, ìbéèrè àtijọ́ wá gba ọ̀sẹ̀ kẹfà. Wọ́n tiẹ̀ fi àwọ̀ mẹ́rin kùn ún. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ lé e yóò gbé ìmọ̀ mẹ́rin tí kò mọ ara wọn wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Àwa náà tẹ̀ lé irú rẹ̀ rí. Ìbéèrè kan ló tú wa fó: ẹja kú lọ rẹpẹtẹ nínú ọ̀sà kan ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ẹ ṣàlàyé. Púpọ̀ nínú wa kọ ọ́ pé ajílẹ̀ tó ṣàn wọ omi ló ṣe ẹja lóró. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ajílẹ̀ oko, omi ìfọṣọ àti ìgbẹ́ a máa gbé náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wọ inú omi. Oúnjẹ ewéko ni àwọn wọ̀nyí, nítorí náà ewé á kún ojú omi, ìmọ́lẹ̀ kò ní lè dé ìsàlẹ̀ mọ́. Èyí tó bá kú á rì, bakitéríà á máa jẹ ẹ́, á sì máa fa ọ́síjìn inú omi bó ṣe ń jẹun. Lọ́sàn-án, ewéko inú omi ṣì ń pèsè ọ́síjìn díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí èyí tó ń pèsè mọ́, gbogbo wọn ló ń mí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Májèlé tó bá ti ilé iṣẹ́ wá kì í dúró de ìdájí kó tó pa ẹja. Ọ̀rọ̀ “kùtùkùtù” inú ìbéèrè yẹn ni ìdáhùn náà, a sì fò ó kọjá.

Ẹ wá sọ fún wa, ọ̀sẹ̀ wo ni ìbéèrè yẹn wà nínú àtẹ aláwọ̀ mẹ́rin? Ewé àti bakitéríà jẹ́ ti ikọ́lójì. Ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ jẹ́ ti ìbàyíkájẹ́. Ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀, torí omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀: omi tí kò níyọ̀ lè gba bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan bí ó bá wà ní 20°C, ṣùgbọ́n ní 30°C kò ju bíi 7.5 lọ.

Òfin tí wọ́n ń tì sẹ́yìn yìí ló dùn wá jù. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ti rẹni, a kàn ń há orúkọ sórí ni. Bẹ́ẹ̀ ìtàn ni òfin, àwa ọmọ Yorùbá ló sì yẹ kó rọrùn fún. Lọ́dún 1988, wọ́n rí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Kókò, nítòsí odò Benin. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba dá FEPA sílẹ̀. Lọ́dún 2007, NESREA gba ipò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: òfin NESREA yọ epo rọ̀bì àti gáàsì sílẹ̀. Bí epo bá dà sí odò, NOSDRA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006 ni kí ẹ kọ. Ẹni tó ka òfin pọ̀ mọ́ ìbàyíkájẹ́ kò ní ṣi èyí kọ.

Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ mú omi kan ṣoṣo láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Àwa mú ọ̀sà Èkó àti wọ́tà háyásínì. (Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àlejò láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni.) Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ bèèrè ìdí tó fi ń gbilẹ̀ nígbà òjò tó sì ń kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: omi òkun máa ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì fara da iyọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ kó ìbàyíkájẹ́ àti òfin pọ̀. Ojú ọjọ́ ni ti ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún, ẹ máa dáhùn ìbéèrè tó da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ pa ìwé dé kí ẹ kọ ohun tí ẹ rántí. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìbéèrè àtijọ́, pẹ̀lú aago lórí tábìlì.

Ìṣirò BOD náà kò ṣeé kà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá da omi odò mílílítà 30 sínú ìgò 300, tí ẹ fi omi mímọ́ kún un, tí ọ́síjìn jẹ́ 8 lọ́jọ́ kìíní, tó wá di 3 lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ní 20°C, ìdáhùn kì í ṣe 5. Ìdá mẹ́wàá ni omi odò nínú ìgò náà, 50 ni ìdáhùn. Ẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀, kí nọ́ńbà yàtọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan nínú yín ti sọ pé àdàlú yìí yóò da orí rú. Òótọ́ ni, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kì í rọrùn, a sì gbà pé yíyípo náítírójìn gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya àtẹ aláwọ̀ mẹ́rin yẹn, kó bọ́ síta kó fi hàn wá ibi tí ẹja tó kú ní ìdájí wà nínú rẹ̀.