A Kọ́ Ọmọ Lólè Jíjà Tán, A Tún Ń Pè É Lólè

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹjọ́ kan ni mo fẹ́ rò. Bí ọmọ Ìkàrẹ́ tàbí ọmọ Ọ̀kà bá jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama tó sì wọ yunifásítì, ì báà jẹ́ ti Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ì báà jẹ́ ti òkè òkun, ohun tí a fi ń yìn ín nílé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n lè fìyà jẹ ẹ́ fún níbẹ̀. Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ló jẹ̀bi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wo bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́. Olùkọ́ á pe nóòtì, a ó kọ ọ́, a ó há a sórí, a ó sì dá a padà lọ́jọ́ ìdánwò. Bí ọ̀rọ̀ wa bá ṣe sún mọ́ ti olùkọ́ tó ni máàkì wa ń pọ̀ tó. A kì í gbé ìwé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì, ilé ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ àròkọ, pẹ̀lú ìwé ṣíṣí níwájú rẹ̀. Ìbéèrè ti yí padà: níbo lo ti gbọ́ ọ, èwo ni tìrẹ nínú rẹ̀? Gbolóhùn tí o kò dárúkọ olóhun rẹ̀, ìwọ lo ń pè ní olóhun un.

Ká ní Lágbájá kọ ìwé ní 2015, tó sì sọ ní ojú ìwé 42 pé: “Kòkó tí kò bá gbẹ dáadáa kí a tó dì í sínú àpò yóò bu, iye rẹ̀ lọ́jà yóò sì wálẹ̀.” Akẹ́kọ̀ọ́ kìíní kọ ọ́ bó ṣe wà, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa mọ̀ pé olè nìyẹn. Èkejì kọ pé: “Kòkó tí kò bá yán gbẹ kí àgbẹ̀ tó kó o sí àpò máa bu, owó rẹ̀ á sì dínkù.” Ó rò pé òun ti fi ọ̀rọ̀ ara òun kọ ọ́. Rárá o! Aṣọ lásán ló pààrọ̀. Èrò Lágbájá àti ètò gbolóhùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí orúkọ rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní èrò ibi ń ṣubú sí. Ẹ̀kẹta kọ pé: “Lágbájá (2015, ojú ìwé 42) ṣàlàyé pé ọ̀rinrin tó bá ṣẹ́kù lára kòkó ń pa àgbẹ̀ lérè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ tó ń kánjú tà nígbà òjò lè pàdánù ju ẹni tó dúró lọ.” Èyí ló tọ́: a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Lágbájá parí sí, a sì mọ ibi tí ti ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá fẹ́ lo gbolóhùn náà gan-an, kó fi àmì àyọlò sí i. Dídárúkọ ìwé náà ní ìparí iṣẹ́ nìkan kò tó.

Àwọn kan rò pé kọ̀ǹpútà ni adájọ́. Turnitin kì í pe ẹnikẹ́ni lólè. Ọ̀rọ̀ tó jọ ti ibòmíràn ló ń kà, ó sì lè ka àyọlò tó tọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kí nọ́ńbà rẹ̀ lè wálẹ̀ kàn ń bo ẹrù olè mọ́lẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn á ní àṣà òyìnbó ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí ọmọdé bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà, ṣebí ó máa ń ní “Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ ni òwe”? Àgbà á sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ìtọ́kasí nìyẹn! Òwe jẹ́ ti gbogbo ayé, a kò lè dárúkọ ẹni kan ṣoṣo; bákan náà ni ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bí òmìnira Nàìjíríà ní 1960, kò nílò ìtọ́kasí. Ṣùgbọ́n ìwé ní ẹni tó kọ ọ́.

Olùkọ́ lè ní kíláàsì ti kún jù, sílébọ́ọ̀sì ti gùn jù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí Wáẹ́ẹ̀kì fúnra rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn. Nínú iṣẹ́ ìsọnísókí tó wà nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá kàn wọ́ gbolóhùn inú àyọkà jáde ń pàdánù máàkì. Kí ló dé tí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ́ ẹ̀bùn nínú Bàọ́lọ́jì àti Ìjọba? Láti ẹẹẹsì wáànù, kí iṣẹ́ àṣetiléwá kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan péré nísàlẹ̀: orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, ìwé àti ojú ìwé. Kí olùkọ́ náà sì máa sọ ìwé tí nóòtì rẹ̀ ti wá. Kí òbí tó ń sanwó fún ẹni tí yóò bá ọmọ kọ àṣetiléwá jáwọ́ pẹ̀lú. Bí a kò bá ṣe èyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo olè lé ọmọ lórí lọ́jọ́ pírójẹ́ẹ̀tì.