Pósìtì ojoojúmọ́ kọ́ ló ń mú oníbàárà wá fún dìsáínà

Ẹ̀yin dìsáínà tẹ́ ẹ̀ ń dáṣẹ́ ṣe láyè ara yín, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má bínú sí mi o.

Wọ́n ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa gbé iṣẹ́ jáde lójoojúmọ́, pé oníbàárà á wá fúnra ẹ̀. Ẹ sì ń ṣe é lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ajé, fúláyà "ẹ kú oṣù tuntun". Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lógò ilé ìfọṣọ kan tí kò sí níbì kankan láyé. Lọ́jọ́rú, agbábọ́ọ̀lù tí iná ń jó lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn èèyàn á ní "o ga jù!" Tẹ́ ẹ bá wo orúkọ wọn dáadáa, dìsáínà bíi tiyín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Owó dà?

Èrò tèmi nìyí: iye ìgbà tẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ jáde kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí iṣẹ́ mẹ́sàn-án tó wà lókè pátápátá lójú ewé yín máa sọ ohun kan náà. Mẹ́ta mẹ́ta ni Instagram ń to àwòrán. Ẹni tí wọ́n bá fi ewé yín ránṣẹ́ sí á rí bíi mẹ́sàn-án kó tó pinnu bóyá kó máa bá tiẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ jù láyé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn ẹ̀: ṣé ẹni yìí ti ṣe irú tèmi rí?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan n'Íbàdàn, a jọ jẹ́ àgùnbánirọ̀ ni. Gbogbo nǹkan ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, títí kan káàdì ìsọmọlórúkọ. Nígbà tó yá, ó ní lébẹ́ẹ̀lì nìkan lòun á máa fi hàn: lébẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó ń di ata gígún, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti gaàrí sínú ọ̀rá tà láti ilé wọn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹni tó ń ṣègbéyàwó á gba fúláyà ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹni tó ń ta ata á padà wá nítorí ẹ̀gúsí lóṣù tó ń bọ̀, á tún padà wá tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rá kékeré. Ẹ ò rí i pé ọmọ náà gbọ́n?

Kò tíì sí oníbàárà lébẹ́ẹ̀lì kankan lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn. Ó lọ sọ́jà Bódìjà, ó ra ata gígún ọ̀rá mẹ́ta, ó fún ọjà náà lórúkọ tó hùmọ̀ fúnra ẹ̀, ó sì ṣe lébẹ́ẹ̀lì tuntun fún un. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé iṣẹ́ ìdánrawò ni, pé kò sẹ́ni tó gbé e fún òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi lógò báńkì ńlá sójú ewé yín bí ẹni pé wọ́n pè yín, ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Lọ́jọ́ tí oníbàárà gidi bá bi yín pé ta lẹ bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí lẹ máa sọ?

Iṣẹ́ kan yìí ló pín sí pósìtì mẹ́ta. Nínú èyí àkọ́kọ́, ó to ata náà sáàárín àwọn ata yòókù, ó sì ya fọ́tò láti ibi tí ẹni tó ń rajà máa ń dúró sí, kẹ́ ẹ lè rí i pé orúkọ tó wà lára ẹ̀ ò ṣeé kà. Kò lo àwòrán ọ̀rá funfun tí gbogbo wa ń wà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí oníṣòwò mọ̀ pé kì í ṣe ọjà ẹnikẹ́ni. Nínú èkejì, ó ṣàlàyé ìdí tó fi fi ojú kan sílẹ̀ lára ọ̀rá kí pípọ́n ata lè hàn, àti ibi tí nọ́ńbà NAFDAC, ìwọ̀n ọjà àti àdírẹ́sì máa wà. Nínú ẹ̀kẹta, ó tẹ̀ ẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá, ó sì sọ ohun tójú ẹ̀ rí: pé àwọ̀ pupa tó ń tàn lójú fóònù ṣú nígbà tó kan bébà, torí pé ìmọ́lẹ̀ ni fóònù ń lò, yíǹkì sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Àti pé kéèyàn lẹ lébẹ́ẹ̀lì kó tó bu ata sínú ọ̀rá, torí tí ìyẹ̀fun ata bá ti kan ara ọ̀rá, gọ́ọ̀mù ò ní mú dáadáa mọ́.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pósìtì tó mú oníbàárà àkọ́kọ́ wá. Kì í ṣe èyí tó rẹwà jù. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọjà àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ ló fi ṣe é. Ọjọ́ yìí ń yí padà nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣe ọjà tuntun, kò ṣeé tẹ̀ mọ́ lébẹ́ẹ̀lì, òǹtẹ̀ ni wọ́n máa ń lù ú tàbí kí wọ́n fọwọ́ kọ ọ́. Tí wọ́n bá ti wá fi ike dídán bo gbogbo ojú lébẹ́ẹ̀lì, yíǹkì òǹtẹ̀ ò ní tètè gbẹ, ìka lásán á nù ún kúrò. Ó fi fídíò kékeré kan hàn: ó lu òǹtẹ̀, ó fìka nù ún, ó pa rẹ́. Ó wá fi èyí tí ojú ẹ̀ kò dán hàn, tí òǹtẹ̀ dúró lára ẹ̀ digbí.

Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ló kọ̀wé sí i. Kò sọ pé "iṣẹ́ ẹ dáa". Ó ní, "Ọmọ mi, tèmi náà ń pa rẹ́, ilé ìtajà kan sì ti dá ẹrù mi padà torí ẹ̀. Mélòó lo máa gbà?"

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn o. Ìbéèrè àwọn èèyàn á yí padà. Tẹ́lẹ̀, "èló ni lógò?" ni. Ní báyìí, "mo ní kílò kan, mo ní àbọ̀ kílò, ṣé lébẹ́ẹ̀lì kan náà ló máa wà lára méjèèjì?" Tó bá tó bí oṣù mẹ́ta tó jẹ́ pé àwọn dìsáínà nìkan ló ṣì ń dá yín lóhùn, ẹ wo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń kọ sábẹ́ àwòrán. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúkọ fọ́ǹtì lẹ̀ ń kọ síbẹ̀. Kí ló kan ìyá eléèlùbọ́ nínú ìyẹn?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Beeple ńkọ́?" Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2007 ló ti ń ṣe àwòrán kan lójúmọ́, wọ́n sì ta àkójọ 5,000 nínú ẹ̀ ní Christie's lọ́dún 2021 ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 69 dọ́là. Ṣùgbọ́n torí kó lè mọ àwòrán yà sí i ló ṣe bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọnà tara ẹ̀ sì ni wọ́n rà. Ẹni tó ń wá lébẹ́ẹ̀lì kọ́ ló rà á.

Ọ̀rẹ́ mi ò gbé ju iṣẹ́ kan jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp làwọn oníbàárà ẹ̀ máa ń wò jù, wákàtí 24 sì ni ìyẹn fi ń pa rẹ́, torí náà ó tún ń kó gbogbo iṣẹ́ náà sínú kátálọ́ọ̀gì WhatsApp Business, níbi tí wọ́n á wà fún ẹni tó bá béèrè lóṣù méjì sí i. Kó tó gba owó ló ti ń bá oníbàárà sọ ọ́ pé òun máa fi iṣẹ́ hàn, kì í sì í fi hàn kí ọjà tó jáde. Àwọn kan máa ń kọ̀, ó sì ń gbà fún wọn.

Ṣé ó wá ń lé iṣẹ́ yòókù dà nù ni? Rárá o, owó ilé ò mọ lébẹ́ẹ̀lì. Fúláyà ìgbéyàwó tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá dáa gan-an ni, àmọ́ ẹ ò lè rí i lójú ewé ẹ̀.