Ààlà Tí Aráàlú Kò Rí

Ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ kan ní Dùálà dá Alphonse Siyam Siwé, ọ̀gá àgbà èbúté ìlú náà tẹ́lẹ̀, lẹ́bi ìkówójẹ. Ẹjọ́ náà gbé ìbéèrè kan dìde: àṣìṣe wo ni olùyẹ̀wé-owó máa ń kà sí?

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń fi ààlà lélẹ̀. Àṣìṣe tí kò tó ààlà náà ni a gbà pé kò lè yí ìpinnu òǹkàwé padà. Ká ní bílíọ̀nù 60 séfà ló ń wọlé fún ilé iṣẹ́ kan lọ́dún, tí ààlà sì jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún: mílíọ̀nù 600 nìyẹn. Ìwé ìsanwó èké mílíọ̀nù 40 kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún irú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 640. Nítorí náà ni ìlànà àgbáyé fi ní kí a ka àwọn àṣìṣe tí a bá rí pọ̀, kí a sì wo irú wọn pẹ̀lú iye wọn. Owó tí ọ̀gá kó sápò kì í ṣe àṣìṣe kékeré.

Láti 2013, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùyẹ̀wé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́jà ìpín ìdókòwò gbọ́dọ̀ kéde ààlà rẹ̀. Ó yẹ kí Kamẹrúùnù fi dandan lé e fún àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba. Owó aráàlú ni. Ó tọ́ kí wọ́n mọ iye tí a lè fojú fò.