ÈLÓ NI WỌN YÓÒ SAN FÚN YÍN LỌ́JỌ́ TÍ ỌKỌ̀ BÁ FỌ́?

Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ láti Ìkọ̀tún lọ sí Ẹ́gbẹ́dá lójoojúmọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò ju kí dánfó kan já wọlé lójijì lọ. Gbàgà! Bọ́ńpà ti wọlé. Ọjọ́ yẹn ni olókọ̀ tó máa ń ka ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀. Kó tó dọjọ́ náà, ọlọ́pàá nìkan ló ń bèèrè rẹ̀.

Ìwé méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni tọ́ọ̀dì pátì, èyí tí òfin sọ di dandan. Láti ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì 2023 ni àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, ti gbé owó rẹ̀ láti ₦5,000 sí ₦15,000 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni. Ìkejì ni kọ́mpirihẹ́nsífù. Àjọ yìí kan náà ló ní owó tiẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí náírà 5 lórí 100 iye tí ọkọ̀ náà tó. Bí ọkọ̀ bá tó mílíọ̀nù mẹ́fà, ₦300,000 nìyẹn lọ́dún.

Ẹni tó bá gbọ́ ₦15,000 àti ₦300,000 á ní kí ló tún kù tí òun fẹ́ rò. Ṣùgbọ́n ẹ wo olókọ̀ méjì yìí ná.

Ọkùnrin kan ń ta táyà n'Ígàndó. Ọdún 2021 ló ra Kọ̀rólà tokunbọ̀ rẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Nígbà tó fẹ́ gba kọ́mpirihẹ́nsífù, ọmọbìnrin ajẹ́ńtì bi í pé, “Dádì, èló ni ká kọ pé ọkọ̀ yín tó?”

Ó ní, “Mílíọ̀nù mẹ́ta tí mo rà á ni.”

“Dádì, ọjà ti yí padà o. Mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ báyìí.”

“Kí n wá san ₦300,000? Ṣé mo tún fẹ́ ra ọkọ̀ mìíràn ni? Kọ mílíọ̀nù mẹ́ta síbẹ̀ jàre!”

Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. ₦150,000 ló san, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti gbọ́n ju ilé-iṣẹ́ lọ.

Ìkejì ni Alhája kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìkọ̀tún. Tọ́ọ̀dì pátì ₦15,000 ni tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀, bíréèkì ọkọ̀ oní-táyà kò mú mọ́, ló bá lọ kọ lu ìdí ọkọ̀ Alhája lẹ́bàá Ẹ́gbẹ́dá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ká, radiétọ̀ bẹ́, iná iwájú méjèèjì fọ́ yángá. Mẹkáníìkì ní ₦900,000 ni àtúnṣe rẹ̀. Ti Alhája jẹ́ ₦350,000.

Ta ni yóò sanwó Alhája? Ìwé tirẹ̀ kò lè san kọ́bọ̀ fún ọkọ̀ tirẹ̀, nítorí nǹkan ẹlòmíràn tí Alhája bá bà jẹ́ nìkan ni tọ́ọ̀dì pátì wà fún. Ṣùgbọ́n oní-táyà ló jẹ̀bi, tọ́ọ̀dì pátì sì wà nínú kọ́mpirihẹ́nsífù tirẹ̀. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ oní-táyà ló san ₦350,000 fún Alhája. Fún dúkìá ẹlòmíràn, irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta fún ọkọ̀ aládàáni. Bó bá jẹ́ pé ògiri ni Alhája fúnra rẹ̀ lọ kọ lù ńkọ́? Olówó ògiri á gbowó, Alhája á sì fi owó ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe. Bí olè bá gbé ọkọ̀ náà lọ, ó di àrìnká.

Ó wá ku oní-táyà. Ó ń retí ₦900,000. Nígbà tí wọ́n fún un ní ìwé ìgbowó kó fọwọ́ sí, ₦405,000 ló rí níbẹ̀. Ariwo ta!

“Olè ni yín! Ṣé kì í ṣe pé mo ti sanwó ni?”

Ọmọbìnrin ajẹ́ńtì kúnlẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ kà á.”

Gbólóhùn kan wà nínú ìwé rẹ̀ pé bí olókọ̀ bá dín iye ọkọ̀ kù, bó ṣe dín in kù ni wọn yóò ṣe dín owó kíléèmù kù. Ìdajì iye ọkọ̀ ló kọ sílẹ̀, nítorí náà ìdajì òfò ni ilé-iṣẹ́ gbé: ₦450,000. Lẹ́yìn èyí ni ẹ́kísẹ̀sì, ìyẹn ìpín tí olókọ̀ gbọ́dọ̀ fi orí ara rẹ̀ gbé nínú òfò kọ̀ọ̀kan. Náírà 10 lórí 100 owó kíléèmù ló wà nínú ìwé tirẹ̀. Ẹ yọ ₦45,000 kúrò, ó ku ₦405,000.

Bó bá ti kọ mílíọ̀nù mẹ́fà ńkọ́? Wọn ì bá yọ ₦90,000 ẹ́kísẹ̀sì nìkan, wọn ì bá sì san ₦810,000. ₦150,000 tó rò pé òun jèrè ti mú ₦405,000 lọ. Ká ní olè ló gbé ọkọ̀ náà pátápátá, wọn kì bá san ju mílíọ̀nù mẹ́ta tó kọ lọ, kí ó sì lọ wá mílíọ̀nù mẹ́ta yòókù.

Ẹnìkan á ní, “Ṣé kí n wá kọ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án nígbà náà?” Rárá o. ₦450,000 lẹ ó san, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá sọnù, iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ tó sọnù ni wọn yóò wò. Mílíọ̀nù mẹ́fà náà ni. Ẹ wo iye ọkọ̀ yín lọ́jà lọ́dọọdún kí ẹ tó sọ ìwé dọ̀tun.

Bí ilé-iṣẹ́ méjì bá sọ iye tiwọn fún yín, tí owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àwọn ohun tí a ń bèèrè nìyí. Èló ni ẹ́kísẹ̀sì? Ṣé gbólóhùn tó dín kíléèmù oní-táyà kù wà níbẹ̀? Bí àgbàrá òjò bá wọ inú ẹ́ńjìnì, ṣé ẹ ó san? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ kọ́mpirihẹ́nsífù kò ní omíyalé nínú àfi bí ẹ bá fi owó kún un. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín nínú ìwé. Ẹnu lásán kì í san kíléèmù.

Bí ìwé bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, tàbí kí ẹ wọ askniid.org, kí ẹ wò bóyá nọ́ńbà ọkọ̀ yín wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé ayédèrú kì í sanwó.

Bí ọkọ̀ bá sì forí sọ, ẹ ya fọ́tò, ẹ sọ fún ọlọ́pàá, ẹ pe ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì. Ẹ má ṣe tún un ṣe kí ẹni tí wọ́n rán tó dé wò ó. Ẹ má sì kọ ìwé fún ẹnikẹ́ni lójú títì pé ẹ ó sanwó. Ìwé ìgbowó tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí, ẹ kà á dáadáa, nítorí bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹjọ́ tán.

Ní ti oní-táyà, ó ti tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ọdún yí po, ajẹ́ńtì tún bi í pé, “Dádì, èló ni ká kọ?”

Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ ni kó o sọ fún mi.”