"Èsì Ti Jáde, Dókítà": Ìbéèrè Wo Lo Wá Bi í?

Ní Ajégúnlẹ̀, bí ara ènìyàn bá gbóná fún ọjọ́ méjì péré, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni "maléríà àti táífọ́ọ̀dù", bí ẹni pé ìbejì ni àwọn méjèèjì. Ẹni náà á lọ sí ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Tolú tàbí ní Ọ̀nà Òjó, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fún un ní bébà. Á ya bébà náà ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí dókítà: "Ẹ káàsán sà. Èsì ti jáde. Kí ló ń ṣe mí?"

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yẹn kò ṣeé dáhùn, pàápàá bó bá jẹ́ èsì Wídáàlì ló wà nínú fọ́tò náà.

Láti 1896 ni àyẹ̀wò Wídáàlì ti wà. Kì í ṣe kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń wá. Ohun tó ń wá ni àwọn ọmọ ogun tí ara ti kó jọ láti bá kòkòrò náà jà. Bí bébà bá sọ pé 1:160, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n la omi ẹ̀jẹ̀ náà títí ó fi di ìdá kan nínú ọgọ́jọ, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun yẹn ṣì hàn nínú rẹ̀. Àmọ́ ogun lè parí tán kí ọmọ ogun má tíì tú ká. Àìsàn èṣí, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àní maléríà pàápàá lè gbé nọ́ńbà náà sókè. Níbi tí táífọ́ọ̀dù bá ti wọ́pọ̀, ẹni tí nǹkan kan kò ṣe náà lè ní in.

Nítorí náà, ìtàn tó yí nọ́ńbà náà ká ni dókítà nílò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta ọjà ní Bọ́ńdárì ṣe àpẹẹrẹ. Bó ṣe yẹ kó kọ ọ́ rèé:

"Ẹ káàsán, Dókítà. Èmi ni Ìyá Bọ́lá tó wá sọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ ọdún 34 ni mí, n kò lóyún. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo ti lo amọ́síkílììnì fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ mi ní Ọjọ́rú. Wídáàlì: O 1:160, H 1:160. Wọn kò rí maléríà. Mo fẹ́ béèrè nǹkan mẹ́ta:
1. Ṣé Wídáàlì kan ṣoṣo yìí tó láti sọ pé táífọ́ọ̀dù ni, àbí kí n ṣe àyẹ̀wò mìíràn?
2. Ṣé kí n máa lo amọ́síkílììnì náà lọ, àbí kí n dáwọ́ dúró?
3. Àmì wo ni mo bá rí tí mo gbọ́dọ̀ fi wá kíákíá?"

Ẹ wo iṣẹ́ tí ọjọ́ tó kọ ń ṣe. Láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta sí Ọjọ́rú, ọjọ́ márùn-ún ni. Bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ọmọ ogun yẹn tó pọ̀ débi tí àyẹ̀wò á fi rí wọn. Bí nọ́ńbà bá ti ga ní ọjọ́ karùn-ún, dókítà lè fura pé ti àtijọ́ ni. Ó lè ní kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ náà: wọ́n á bu ú sínú ìgò tó ní oúnjẹ kòkòrò, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí kòkòrò bá hù, wọ́n á mọ irú tó jẹ́ àti oògùn tó lè pa á. Ó wọ́n ju Wídáàlì lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí i. Amọ́síkílììnì ọjọ́ méjì yẹn náà lè má jẹ́ kí kòkòrò hù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi oògùn tí a ti lò pa mọ́.

Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá náà mọ̀ pé "ibà" lásán kò tó. Ibà lè jẹ́ ara gbígbóná, ó lè jẹ́ maléríà, ẹlòmíràn á sì ní ibà ń ṣe òun nígbà tó jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. "Ara mi ń gbóná láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta" ló yé dókítà.

Àwọn kan á ní àfojúdi ni kéèyàn máa bi dókítà bóyá àyẹ̀wò tó. N kò gbà. Ìkíni ti wà níbẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ̀ sì wà nínú "ẹ". Ohun tó burú ni kí ènìyàn gba ìtọ́jú táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan, kí owó ọjà máa lọ, kí oògùn má sì ran kòkòrò mọ́, nígbà tí ohun tó ń ṣe é gan-an ṣì wà lára rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá. Táífọ́ọ̀dù lè dá ìfun lu. Bí inú bá ń ro ènìyàn gidigidi, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tó bá ń sọ ìsọkúsọ, kí ó má dúró de èsì lórí fóònù. Ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ.