Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko, Àmọ́ Ẹ Wo I-94 Kẹ́ Ẹ Tó Gbéra

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń fi òwe yìí ti ọmọ ọlọ́mọ sí kòtò. Láìpẹ́ yìí, ní Ṣáléńjì, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan tó ń báni ṣe físà ń sọ fún ìyá àgbà kan pé kí ọmọ rẹ̀, tó ti lo ọjọ́ kọjá ní Amẹ́ríkà, máa bọ̀ nílé kó wá gba ìwé tuntun l'Ékòó. "Màmá, ilé làbọ̀ sinmi oko." Irú ìmọ̀ràn yìí ló ba ọ̀nà jẹ́ fún obìnrin kan ládùúgbò wa ní Bódìjà.

Físà ìbẹ̀wò B-2 ni obìnrin náà gbà. Oṣù Kejìlá 2021 ló wọ Amẹ́ríkà. Ó rí i lójú físà pé ó di oṣù Kọkànlá 2023 kó tó parí, ló bá fọkàn balẹ̀. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ojú físà ò ju ọjọ́ téèyàn lè fi kan ilẹ̀kùn lọ. Iye ọjọ́ téèyàn lè gbé wà nínú I-94, àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe nígbà tó ń wọlé, téèyàn sì lè fi páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ wò lórí i94.cbp.dhs.gov. Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fún un, ó parí lóṣù Kẹfà 2022. Bílẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, físà náà ti kú, wọ́n sì ti ń ka ọjọ́ sí i lọ́rùn.

Òfin tí wọ́n ṣe ní 1996 ló ń ka ọjọ́ náà. Àgbàlagbà tó bá lò ju 180 ọjọ́ lọ, tí kò tíì pé ọdún kan, tó wá jáde, ọdún mẹ́ta ni wọn ò ní jẹ́ kó padà wọlé. Ẹni tó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó wá jáde, ọdún mẹ́wàá gbáko ni. Ẹ bá mi gbọ́ "tó wá jáde" yẹn dáadáa. Wọ́n lè mú ẹni tó ṣì wà níbẹ̀ kí wọ́n sì lé e, ìyẹn ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta àti ọdún mẹ́wàá yìí, ìjáde ló ń fà wọ́n. Ìrìn àbọ̀wálé gan-an ni pàkúté.

Obìnrin yìí ti fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà nígbà náà, wọ́n ti bímọ. Ọkọ kọ fọ́ọ̀mù I-130, wọ́n fọwọ́ sí i. Àjẹ́ńtì wá ní kó bọ̀ wálé, pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò l'Ékòó á yá jù. Ó wọ bàálù lóṣù Kẹta 2024. Nígbà tó dé iwájú òṣìṣẹ́ kóńsúlétì ní Victoria Island, wọ́n ka ọjọ́ láti oṣù Kẹfà 2022: ó ti lé lọ́dún kan. Ó di oṣù Kẹta 2034.

Òwe tó yẹ kí wọ́n pa fún un ni pé ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́nu ibodè tí wọ́n sì gbà wọlé, tó wá jẹ́ ọkọ tàbí aya ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí òbí ọmọ Amẹ́ríkà tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, lè jókòó síbẹ̀ kó kọ I-485. Wọn kì í torí ọjọ́ tó lò kọjá nìkan dá a padà, bí ìgbéyàwó náà bá jẹ́ òótọ́. Bí òkú bá sùn nílé kí ìwé tó jáde, kó kọ I-131, kó sì gba àṣẹ ìrìnnà lọ́wọ́ kó tó gbéra. Bó bá jáde láìgbà á, I-485 náà ti dànù, ọdún mẹ́wàá sì lè já lé e lórí.

Fọ́ọ̀mù I-601 ló kù fún obìnrin Bódìjà, láti fi tọrọ àforíjì. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyà tó kọjá àfaradà ni ọkọ òun máa jẹ bí òun ò bá sí níbẹ̀: àìsàn tó ń gba ìtọ́jú, òbí arúgbó tí ọkọ ń bójú tó, nǹkan tó ní ìwé ẹ̀rí nídìí. Àárò nìkan ò tó. Ọmọ wọn, tó ń ké pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, kò sí lára ẹni tí òfin ní kí wọ́n wo ìyà rẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Àwọn kan á ní àwọn ẹ̀gbọ́n wa lo ọjọ́ kọjá nígbà kan, wọ́n sì gba ìwé. Òfin 1986 ló ṣe ìyẹn, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ ṣáájú 1982 ló sì wà fún. Kò tíì sí irú rẹ̀ látìgbà náà.

Mo sọ fún ìyá Ṣáléńjì yẹn pé kí ọmọ rẹ̀ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kó kọ́kọ́ yọ I-94 rẹ̀ wò, kó sì gbé e tọ lọ́yà ìmígíréṣọ̀n tó ní ìwé àṣẹ lọ níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, Amẹ́ríkà ti dá físà ìbẹ̀wò àti ti àtigbélùú dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì ka lílo ọjọ́ kọjá mọ́ ìdí rẹ̀. Ìwé ẹni tó wà níbẹ̀ lè pẹ́ lórí tábìlì wọn, ṣùgbọ́n físà wo lọmọ náà fẹ́ wá gbà l'Ékòó báyìí?